Àbíkú orí wáífáì: ọ̀rọ̀ ilé kan lẹ́yìn Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá tó pè mí kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń jí dátà òun. Ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ráútà yìí. Ó ti ń jẹun ju ẹnu rẹ̀ lọ." Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ilé wọn wà lẹ́yìn Lágere. Àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé níwájú, yàrá mẹ́rin sì wà lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń háyà. Gíìgì 120 ni wọ́n máa ń rà sínú ráútà lóṣù, ó sì máa ń ṣẹ́kù. Àmọ́ fún oṣù méjì, kò pé ọjọ́ 11 tó fi ń tán.

Ọmọ wọn obìnrin, tó wà nílé tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ti ṣe tirẹ̀ kí n tó dé. Ó ti wọ ojú ewé ráútà, ó rí àwọn orúkọ tí kò mọ̀, ó sì ti kó mẹ́rin sínú `Blacklist`, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tí ráútà kò ní jẹ́ kó wọlé. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò tán síbẹ̀. "Bùọ̀dá, àbíkú ni wọ́n," ló wí. "Mo lé ọ̀kan lánàá, ó tún ti dé lónìí, ó kàn pààrọ̀ orúkọ ni." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó fọwọ́ kan ráútà, mo ní kí wọ́n fún mi ní bébà, kí gbogbo ará ilé sì kó ẹ̀rọ wọn wá sórí tábìlì. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló jáde: fóònù Bàbá, ti Màmá, áífóònù ọmọ wọn àti lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ-ọmọ, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Mo ṣí `Settings` lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì MAC rẹ̀, àmì tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, wà fún wáífáì ilé náà gan-an, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú, Màmá sì ti ń wò mí bíi pé mo wá kà wọ́n ní sẹ́ńsọ́ọ̀sì.

Fóònù Bàbá ni mo kọ́kọ́ dúró lé lórí. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lójú rẹ̀ ni `DA:3F:61:0B:92:7C`. Mo wo inú `Blacklist` tí ọmọ wọn ti kọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú mẹ́rin tó ti lé jáde ni `DA:3F:61:0B:92:7C`. Ọmọ ti lé bàbá rẹ̀ kúrò lórí wáífáì bàbá rẹ̀. Bàbá wá rántí pé láti ọjọ́ Sátidé ni fóònù àwọn kì í fẹ́ gbé wáífáì mọ́, tí àwọn sì ti ń ra dátà sórí káàdì fóònù lọ́tọ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé fóònù ti ń darúgbó ni.

Ọmọ náà kò ya òmùgọ̀ o. Orúkọ tí ráútà kọ sí iwájú àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ni `Unknown`, nítorí fóònù náà kò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ráútà. Ó wo ẹ̀yìn fóònù Bàbá, ó wo páálí rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbà pé àlejò ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyẹn, n ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì MAC jẹ́ àmì 12, nọ́ńbà àti lẹ́tà A dé F, tí a ń kọ ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ìdá àkọ́kọ́, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, ni wọ́n fi ń mọ ilé iṣẹ́ náà. Ìyókù jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ló wà lẹ́yìn páálí. Ṣùgbọ́n láti Áńdíróìdì 10 ní ọdún 2019, àti láti iOS 14 ní ọdún 2020, fóònù kì í sábà gbé àdírẹ́ẹ̀sì àbímọ́ yẹn jáde mọ́. Ó máa ń dá tirẹ̀ ṣe, ọ̀tọ̀ fún wáífáì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣọ́ni káàkiri má bàa dá a mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn páálí dà bí orúkọ inú ìwé ìbí. Ohun tí ráútà ń rí dà bí orúkọ ìnagijẹ.

Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn, kò sì gba ohun èlò kankan. Ẹ wo àmì kejì nínú àdírẹ́ẹ̀sì náà. Bí ó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, ìnagijẹ ni. `DA` ni tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀. A ló wà nípò kejì. Bí kò bá sí nínú mẹ́rin yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ àbímọ́, àwọn àmì mẹ́fà àkọ́kọ́ sì lè sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fún yín.

Mo yọ Bàbá kúrò nínú `Blacklist`, fóònù wọn wọlé lójú ẹsẹ̀, Màmá sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo wá wo àwọn tó wà lórí ráútà lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ mẹ́fà tó wà lórí bébà mi, mẹ́rin ló kù. Méjì nínú wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá: ráútà máa ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, irú `192.168.1.9`, ó sì máa ń pa á mọ́ fún èyí tó ti lọ, wákàtí 24 ni tilé yìí, orúkọ ẹni tó kúrò láàárọ̀ sì lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo tẹ `ping`, àṣẹ tó ń bi ẹ̀rọ bóyá ó wà níbẹ̀, sí nọ́ńbà wọn láti orí lápútọ́ọ̀pù mi, kò sí ìdáhùn. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró, nítorí fóònù tó ń sùn kì í sábà dáhùn, ṣùgbọ́n ojú ewé àwọn tó so mọ́ wáífáì lọ́wọ́ kò fi wọ́n hàn pẹ̀lú. Àwọn àlejò tó kù ni wọ̀nyí (mo ti bo díẹ̀ nínú àmì wọn):

```
Unknown   5E:10:C4:xx:xx:E1   192.168.1.9
Unknown   C8:xx:xx:4D:19:B0   192.168.1.12
```

E ni àmì kejì ti àkọ́kọ́, nítorí náà fóònù ni mo fura sí. 8 ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo wá àmì mẹ́fà iwájú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ló jáde. Kò sí tẹlifíṣọ̀n kankan lórí bébà mi. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní ikùn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ wáífáì.

Gbogbo ilé fẹ́ kí n lé méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ̀. Bí mo bá lé méjì lọ tí dátà sì dúró, mi ò ní mọ èwo ló ń jẹun. Ráútà náà kò sì ń ka dátà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ nìkan ló ń kà. Nítorí náà a dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Gbogbo ará ilé pa wáífáì lórí fóònù wọn, mo fi wáyà so lápútọ́ọ̀pù mi mọ́ ẹ̀yìn ráútà, mo sì kọ nọ́ńbà tó wà lójú ewé dátà sílẹ̀. A jókòó. Màmá gbé ẹ̀bà wá. Lẹ́yìn wákàtí kan, dátà ti lọ sókè ní gíìgì 2.4, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ṣí nǹkan kan. Fídíò tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè jẹ tó gíìgì mẹ́ta ní wákàtí kan, nítorí náà iye yẹn kò yà mí lẹ́nu.

Mo wá fi `C8` nìkan sínú `Blacklist`. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó tẹ̀lé e, mégà 40 péré ló lọ, ìyẹn sì bá fóònù tó kàn ń gba ìsọfúnni Wásáàpù mu. Fóònù tí gbogbo ilé ń bínú sí kọ́ ló ń jẹ dátà. Tẹlifíṣọ̀n ni.

Mo fẹ́ máa kó irinṣẹ́ mi nígbà tí ọmọ wọn ní, "Bùọ̀dá, ẹ wò ó." `C8` ti padà dé. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ wáífáì méjì ni ráútà náà ń gbé jáde, ọ̀kan lórí 2.4 GHz, ìkejì lórí 5 GHz, tó fi `_5G` parí orúkọ rẹ̀. `Blacklist` tí mo kọ sí jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan. Wọ́n dá ti ìkejì yà sọ́tọ̀ sí ojú ewé mìíràn. Tẹlifíṣọ̀n náà mọ páásíwọ̀ọ̀dù méjèèjì, ilẹ̀kùn kan tì, ó gba èkejì wọlé. Kì í ṣe gbogbo ráútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó kọ ọ́ tí yóò kan gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbà pé mo ti lé ẹ̀rọ kan títí n ó fi dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tún wò. Mo kọ `C8` sí ìkejì pẹ̀lú, kò sì padà mọ́. Orúkọ méjì yìí náà ló fà á tí fóònù kan ṣoṣo fi lè dà bí ẹni méjì: ó ń dá ìnagijẹ ọ̀tọ̀ ṣe fún orúkọ wáífáì kọ̀ọ̀kan.

Mo lé `5E` náà kí n tó lọ sílé. Ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí: ẹnì kan ti dé, `14` ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Mo lérò pé fóònù kan náà ni. Lórí Áńdíróìdì, ẹni tó bá tẹ orúkọ wáífáì náà, tó sì yí `Use randomized MAC` sí `Use device MAC`, ti di ẹlòmíràn lójú ráútà. Ìnagijẹ ni a dínà mọ́, ó wá gbé orúkọ àbímọ́ wọlé. Mo lé `14` náà. Èrò mi ni pé orúkọ méjì ló ní, a sì ti lo méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tuntun dé, `B6`. Mo tún lé e. `92` dé.

Níbi yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Ìbínú ló ṣe é, mi ò ní parọ́. Mo ní kí n yí gbogbo rẹ̀ padà: dípò ká máa kọ orúkọ àwọn tí a lé, ká kọ orúkọ àwọn tí a gbà nìkan, ẹnikẹ́ni tí kò bá sí níbẹ̀ kó máa wò wá láti ìta. Orí wáífáì ni mo ti ń ṣe é lọ́jọ́ náà, mi ò so wáyà. Mo yan `Whitelist`, mo tẹ `Apply`, mo ní n ó máa wá fi orúkọ kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n tó ṣẹ́jú, ojú ewé ti dúró gbagidi. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí nínú àwọn tí a gbà, èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Mo ti ti ara mi mọ́ta, mo sì ti ti gbogbo ilé mọ́ta.

Ohun tó yọ mí ni wáyà. Lórí ráútà yẹn, ọ̀rọ̀ MAC tí a kọ sábẹ́ wáífáì kò kan ihò wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo so wáyà, mo wọlé sí `192.168.1.1`, mo sì kọ gbogbo ẹ̀rọ mẹ́fà láti orí bébà wa. Ká ní kò sí wáyà ni, bọ́tìnì kékeré tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ni ì bá kù, gbogbo ètò inú ráútà náà ni ì bá sì parẹ́.

Ètò náà gbé ilé náà dé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, áífóònù ọmọ wọn ń ṣe wàhálà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì káàdì rẹ̀, ẹnì kan sì gbà á nímọ̀ràn kó ṣe `Reset Network Settings`. Ó ṣe é. Áífóònù dá ìnagijẹ tuntun fún wáífáì ilé, ráútà kò dá a mọ̀, ó sì lé e. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọmọ Bàbá ọkùnrin ti Èkó dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, fóònù wọn pé mẹ́rin. Màmá pè mí láti ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ṣé ẹ lè wá ṣílẹ̀kùn fún wọn?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé tó ń gba àlejò kò lè fi irú ètò yìí gbé.

Nígbà tí mo lọ ṣílẹ̀kùn yẹn, mo béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìíní: báwo ni àwọn àlejò yìí ṣe mọ páásíwọ̀ọ̀dù? Gbogbo wa ti ń lé èèyàn jáde, kò sẹ́ni tó wo bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹnu ọmọ tó ti Èkó dé gan-an ni ìdáhùn ti jáde. Wọ́n ṣe ìkómọ nínú ilé náà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń béèrè wáífáì, ó sì tẹ `Share` lórí fóònù rẹ̀ tí àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi kámẹ́rà kà fi jáde. Kí ó má bàa máa gbé fóònù káàkiri, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Wásáàpù ẹbí. Ẹnì kan gbé e láti ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Páásíwọ̀ọ̀dù máa ń wà nínú àmì yẹn látòkèdélẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Áńdíróìdì, wọ́n tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbàgàdà. Nítorí náà `5E`, `14`, `B6` àti `92` lè jẹ́ ẹni kan, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni mẹ́rin. Mi ò mọ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Iṣẹ́ tó kù kò gba wákàtí kan. Mo pa `Whitelist`, `Blacklist` sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo yí páásíwọ̀ọ̀dù wáífáì padà lórí orúkọ méjèèjì, mo pa `WPS` kí ẹnikẹ́ni má lè fi bọ́tìnì ẹ̀yìn ráútà wọlé, mo sì yí páásíwọ̀ọ̀dù tí a fi ń wọ ojú ewé ráútà fúnra rẹ̀, tó ṣì jẹ́ `admin` látìgbà tí wọ́n ti rà á. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju fóònù wọ̀nyẹn lọ: ẹni tó bá wọ wáífáì, tó sì mọ `admin`, lè wọlé lọ yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí a lé. Lẹ́yìn náà mo ṣí wáífáì àlejò tó ní orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tún di ti ìkómọ, èyí ni wọn ó fún àwọn èèyàn, wọn ó sì pa á lọ́jọ́ kejì.

Ti tẹlifíṣọ̀n, Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sẹ́yìnkùlé. Wọn ò bínú lọ. Wọ́n kí wọn, wọ́n béèrè ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ọmọ kan jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ní Màmá ló fún àwọn ní páásíwọ̀ọ̀dù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀. Màmá rántí: ọjọ́ bọ́ọ̀lù kan ni, àwọn ọmọ náà bẹ àwọn, wọ́n sì fún wọn "fún ọjọ́ yẹn nìkan." Kò sẹ́ni tó sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé ọjọ́ yẹn nìkan ni. Bí wọ́n ṣe tàn án lójoojúmọ́ ló ń wọlé fúnra rẹ̀, tó ń wo fídíò lórí dátà onílé.

Oṣù tó tẹ̀lé e, gíìgì 31 ló ṣẹ́kù nínú 120.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí sí irú iṣẹ́ yìí, páásíwọ̀ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ ń yí. `Blacklist` ni mo ń fi sí ẹ̀yìn, fún àwọn nǹkan tí kò ní ọwọ́ tí yóò fi yí orúkọ ara rẹ̀ padà: tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ara ògiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í sábà pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì, bí ẹ bá sì lé wọn, wọ́n lọ nìyẹn. Fóònù ọwọ́ èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì mọ iṣẹ́ lè ṣe ju ti fóònù lọ: àdírẹ́ẹ̀sì MAC ẹ̀rọ tí ẹ gbà láàyè ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ láìsí ìbòjú, kódà lórí wáífáì tó ní páásíwọ̀ọ̀dù, ó sì lè gbé e wọ̀ bí aṣọ. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe é nítorí dátà ní Ifẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Nǹkan kan ni mo gbàgbé nílé Bàbá. Lẹ́yìn tí mo yí páásíwọ̀ọ̀dù, kò sí ìdí fún orúkọ kankan nínú `Blacklist` mọ́. Mi ò sì pa á rẹ́. Ní nǹkan bí oṣù méje lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ Bàbá pè mí láàárọ̀ Sátidé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn ra tẹlifíṣọ̀n, páásíwọ̀ọ̀dù náà tọ̀nà, fóònù gbogbo ilé ń wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kọ̀, ó kàn ń sọ pé kò lè so pọ̀. Ó ti tẹ páásíwọ̀ọ̀dù yẹn tó ìgbà ogún. Wọ́n ti pe ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Sábó, ó ní wáífáì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì ti sọ iye tí yóò gbà.

Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti rà á. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé lẹ́yìn ló parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò lè gbé e lọ sí Ọ̀ṣogbo, ló bá tà á fún Màmá.

Mo ní kó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, kó ka àmì méjì àkọ́kọ́ lára àdírẹ́ẹ̀sì MAC fún mi. "C, mẹ́jọ," ló wí. Mo sọ ibi tí yóò wọ̀ nínú ráútà fún un, lórí orúkọ wáífáì méjèèjì, pẹ̀lú bí yóò ṣe tẹ `Delete`. Nígbà tí yóò fi dá fóònù sílẹ̀, mo ti ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀.